Ìdìmú Tó Kéré Jù Tí Ìtì Igi Nílò Kó Tó Lè Yí Láìyọ̀

Ilé ìlagi ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí ọkọ̀ agbégẹdú bá ti dé láti ọ̀nà igbó Ọmọ, pákó gbọọrọ méjì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń gbé ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọn á tú okùn, wọn á fi ọ̀pá ti ìtì igi kan díẹ̀, igi náà á sì yí gbirigbiri wálẹ̀ títí á fi bọ́ sórí lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ti tú dà sílẹ̀. Mo ti rí i tó ìgbà tí n kò lè kà mọ́, mi ò sì bi ara mi léèrè rí pé kí ló ń mú kí igi náà yí dípò kó kàn yọ̀ wálẹ̀ bí ọmọdé tó jókòó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Agẹmọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, pákó méjèèjì ti mumi yó, oje igi àná sì ti ta sí wọn lára. Wọ́n ti ìtì àkọ́kọ́, ó yí díẹ̀, lójijì ni a gbọ́ fààà. Igi náà ń yọ̀. Orí rẹ̀ kan ṣáájú èkejì, ó fì dábùú, ó sì lọ kọlu òpó àtíbàbà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wo igi náà, ó ní, “Ó wúwo jù ni.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọ̀gá. Ó tóbi jù ni. Tó bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àná ni, ì bá yí.”

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí nítorí pé mo mọ̀ pé kò sí èyí tó tọ̀nà nínú ìdáhùn méjèèjì. Ìwúwo igi kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtóbi rẹ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun mẹ́ta péré ló ń pinnu bóyá igi yóò yí tàbí yóò yọ̀: bí pákó ṣe dagẹ̀rẹ́ tó, bí èèpo igi àti pákó ṣe ń di ara wọn mú tó, àti bóyá inú nǹkan tó ń yí náà kún tàbí ó ṣófo. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ là kalẹ̀ níbí, nítorí mo ti rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò dáadáa pàápàá máa ń ṣìnà lórí rẹ̀, ibì kan náà sì ni gbogbo wọn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí yíyí láìyọ̀ jẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ara rẹ̀ ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó fi tẹlẹ̀ dúró gbọn-in ní ojú ibi tó tẹ̀ títí á fi gbé e. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá sún, a ní ó yọ̀. Ìtì igi náà ń rìn lọ́nà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹfun sàmì sí ojú kan lára èèpo rẹ̀, ẹ ó rí i pé àmì náà sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ pákó, ó sì gbéra padà sókè. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ pákó yẹn, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Gbogbo igi ń lọ, ojú ibi tó kan pákó dúró. Ìyẹn ni yíyí láìyọ̀. Bí ojú náà bá fi lè fa ara rẹ̀ lórí pákó, bó ti wù kó kéré tó, igi ti ń yọ̀ nìyẹn, kódà bó bá ṣì ń yí lọ́wọ́.

Kí ló ń mú ojú ibẹ̀ dúró? Ohun tí a ń pè ní fíríkíṣọ̀n ni. Ìdìmú ni n ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn: pákó di èèpo mú, kò jẹ́ kó sá lọ. Ẹ rántí pé òòfà ilẹ̀ kò lè yí igi. Àárín gbùngbùn igi ni òòfà ti ń fà á, ẹni tó bá sì fa nǹkan ní àárín gbùngbùn kò lè mú un yí. Ẹ di àárín àgbá kẹ̀kẹ́ mú kí ẹ fà á lórí dígí tí wọ́n da òróró sí. Yóò tẹ̀lé yín láì yí rárá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ di etí rẹ̀ mú kó tó yí. Lórí pákó dídagẹ̀rẹ́, ìdìmú ni ẹni náà. Òun nìkan ló ń yí igi.

Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni ìdìmú ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fa igi sẹ́yìn sókè pákó, èyí tí kì í jẹ́ kó sáré tó bí ì bá ṣe sáré. Ó sì ń yí i. Iye kan náà ló ń fi ṣe méjèèjì; kò ní àpò méjì. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè wa ti máa jáde.

Mo fẹ́ ká fi igi òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe é, nítorí mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ara gbogbo wa balẹ̀. Pákó náà gùn ní mítà 3. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ga ní mítà 1.5 sílẹ̀. Ẹ pín gíga sí gígùn pákó, 1.5 sí 3, ẹ ó rí 0.5. Òun ni ìwé ń pè ní `sin θ`, dígírì 30 sì ni igun náà. Láti ìdí pákó dé abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, bí ẹ bá wọn ilẹ̀ gbalaja, mítà 2.6 ni. Ẹ pín gíga sí ìyẹn, ẹ ó rí nǹkan bí 0.58. Ìyẹn ni `tan θ`. Ẹni tí kò bá ka ìwé igun rí, kó má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí: `tan θ` kò ju gíga tí a pín sí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Tépù ìwọ̀n nìkan ti tó fún un.

Igi náà fúnra rẹ̀ á tó kílò 240, àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ sẹ̀ńtímítà 20. Òòfà ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n pákó kò jẹ́ kó já lulẹ̀, nítorí náà fífà náà pín sọ́nà méjì. Apá kan ń tẹ igi mọ́ pákó, apá kejì ń fà á gba ojú pákó lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ń fà á lọ sísàlẹ̀ jẹ́ níútìnì 1,176. Èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó jẹ́ 2,037. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn.

Báwo ni níútìnì 1,176 yẹn ṣe pín? Ká ní igi náà kò níláti yí ni, gbogbo rẹ̀ ni ì bá lọ sórí eré. Ṣùgbọ́n ó níláti yí, yíyí sì ní agídí tirẹ̀. Gbogbo nǹkan tó wúwo ló ń ṣagídí kó tó yí, agídí náà sì wà lọ́wọ́ ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí. Èyí tó wà nítòsí àárín kò lágídí púpọ̀, nítorí ọ̀nà kúkúrú ló ń rìn ní ìyípo kan. Èyí tó wà ní etí ló ń rin ọ̀nà jíjìn, òun ló lágídí. Nínú ìtì igi tí inú rẹ̀ kún déédéé, apá kan wà ní àárín, apá kan wà ní etí, agídí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ ìdajì ohun tí ì bá jẹ́ ká ní etí ni gbogbo ìwúwo náà wà. Ìdajì yìí ni ìwé ń kọ báyìí: `I = ½mR²`. Lẹ́tà `I` ni agídí yíyí, `m` ni ìwúwo igi ní kílò, `R` sì ni àárín rẹ̀ sí etí.

Tí ẹ bá ti gba ìdajì yìí, ìyókù rọrùn. Fún igi tó ń yí láìyọ̀, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yára bákan náà pẹ̀lú bí àárín rẹ̀ ṣe ń lọ síwájú. Nítorí pé agídí yíyí jẹ́ ìdajì agídí lílọ, agbára tó níláti yí i jẹ́ ìdajì agbára tó ń gbé e síwájú. Bí èyí tó ń gbé e síwájú bá jẹ́ kóńgò méjì, èyí tó ń yí i jẹ́ kóńgò kan. Àpapọ̀ wọn, kóńgò mẹ́ta, ni òòfà ń wọ̀n jáde. Nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìdìmú ń gbà fún yíyí, ìdá méjì tó kù ló ń di eré. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú ìwé, òun rèé:

```
mg sin θ − f = ma
f·R = ½mR² · (a/R)   →   f = ½ma
f = ⅓ mg sin θ       a = ⅔ g sin θ
```

Lẹ́tà `f` ni ìdìmú, `a` ni bí eré ṣe ń gorí eré, `g` sì ni òòfà ilẹ̀, 9.8. Lórí pákó wa, ìdá kan nínú mẹ́ta 1,176 jẹ́ 392. Níútìnì 392 ni igi yẹn ń bèèrè lọ́wọ́ ìdìmú. Kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè gba èyí tó dín sí i kó sì tún máa yí láìyọ̀.

Ibí yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn pé ìdìmú jẹ́ `μN`, ìyẹn ni pé kí a fi iye kan tí à ń pè ní miù, àmì rẹ̀ `μ`, lu agbára tó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, `N`. Bí wọ́n bá ti rí ìbéèrè nípa yíyí, kíá ni wọ́n á kọ `f = μN` sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi, orí rẹ̀ pé gan-an, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì ní kó má pa á rẹ́, kó jẹ́ ká jọ bá a lọ síbi tó ń lọ.

Mo ní kó mú pákó gbígbẹ, kó fi miù sí 0.4. `μN` á jẹ́ 0.4 lọ́nà 2,037, ìyẹn 815. Mo ní, “Ó dáa. Òòfà ń fa igi sísàlẹ̀ ní 1,176, ìdìmú ń fà á padà ní 815. Báwo ló ṣe ń yára tó?” Ó ṣírò rẹ̀, ó rí 1.5. Mo ní, “Etí rẹ̀ ńkọ́, tí 815 náà ń yí?” Ó tún ṣírò, ó rí 6.8.

Ó wo ìwé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Sà, etí ń sáré ju igi lọ.”

Mo ní, “Ní ìlọ́po mélòó?”

“Ó ju mẹ́rin lọ, Sà. Igi náà á máa yí gbùrùgbùrù lójú kan bí táyà mọ́tò tó rì sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà ní ẹ́ńjìnnì. Igi kò ní.”

Ó mú un níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún níláti ṣàlàyé fún un mọ́. Ìdìmú kò lè mú igi yí ju bó ṣe ń lọ, nítorí tí etí bá fẹ́ sáré ju igi lọ, ọ̀nà kejì ni ìdìmú á kọjú sí. `μN` kì í ṣe iye tí ìdìmú ń ná. Òun ni gbèdéke, iye tó wà lápò rẹ̀. Ẹni tó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lọ sọ́jà Òkè-Àjẹ́, tí ohun tó fẹ́ rà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni yóò san. Ìdìmú tó wà láàárín ohun méjì tí kò yọ̀ lórí ara wọn bẹ́ẹ̀ gan-an ni: iye tí wọ́n bá bèèrè ni ó ń san, títí dé ibi tí àpò rẹ̀ pin sí. Lórí pákó gbígbẹ, 815 ló wà lápò, 392 ni wọ́n bèèrè. 392 ni ìdìmú, kì í ṣe 815. Ọjọ́ tí ohun tí wọ́n bèèrè bá ju ohun tó wà lápò lọ nìkan ni `f = μN` máa ń tọ̀nà, ọjọ́ náà sì ni igi ń yọ̀.

Wàyí o, ìdáhùn ti wà lójú. Kí igi má baà yọ̀, ohun tí wọ́n bèèrè kò gbọ́dọ̀ ju ohun tó wà lápò lọ. Ohun tí wọ́n bèèrè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń fà á sísàlẹ̀. Ohun tó wà lápò jẹ́ miù lọ́nà èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ẹ pín èkínní sí èkejì:

```
μ ≥ ⅓ tan θ
```

Òun ni gbogbo òfin náà. Ìdìmú tó kéré jù tó lè gbà kí sílíńdà tí inú rẹ̀ kún yí láìyọ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́ta gíga tí a pín sí ilẹ̀ abẹ́. Lórí pákó ẹ̀gbọ́n mi, ìdá kan nínú mẹ́ta 0.58 jẹ́ nǹkan bí 0.19.

Ẹ wá a wò bóyá ẹ ó rí kílò níbẹ̀. Kò sí. Igi tó wúwo ní ìlọ́po méjì ń bèèrè ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ìdìmú, ṣùgbọ́n ó tún ń tẹ pákó ní ìlọ́po méjì, nítorí náà àpò ìdìmú náà wú ní ìlọ́po méjì. Amontons, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé e síwájú àwọn onímọ̀ ìlú rẹ̀ ní ọdún 1699 pé bí ẹrù bá ṣe ń tẹ̀ sí ni ìdìmú ṣe ń pọ̀ sí. Ìtóbi igi náà kò sí níbẹ̀, nítorí igi tó tóbi ní agídí yíyí púpọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tún jìnnà sí àárín, èyí tó jẹ́ kí ọwọ́ tí ìdìmú fi ń yí i gùn, tí kò sì nílò kó yí kíákíá tó kékeré kó tó lè bá eré kan náà mu. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí lọ́jọ́ yẹn, kò sì gbà mí gbọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ènìyàn tó ti ń gbé igi láti ogún ọdún mọ̀ pé igi ńlá léwu ju kékeré lọ. Òótọ́ ni. Bí igi ńlá bá ti yọ̀ tán, ìpalára rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í yọ̀ kíákíá ju kékeré lọ.

Ó ku ká mọ miù pákó tútù. Kò sí ìwé tó lè sọ fún yín, nítorí pé èèpo àfàrà yàtọ̀ sí ti mẹ̀línà, òjò àná yàtọ̀ sí òjò òní. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. A mú ègé pẹlẹbẹ tí ayùn ti là kúrò lára igi, tí èèpo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, a dojú èèpo náà bo pákó tútù. Èyí kò lè yí, ó kàn lè yọ̀ ni. A rọra ń gbé orí pákó sókè títí ègé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, a sì dúró níbẹ̀. A wọn gíga, a wọn ilẹ̀ abẹ́. Sẹ̀ńtímítà 15 lórí 100. Miù pákó tútù náà jẹ́ 0.15. Nígbà tí pákó gbẹ lọ́jọ́ kejì, a tún un ṣe, ó di 40 lórí 100, ìyẹn 0.4.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Pákó náà ń bèèrè 0.19. Gbígbẹ ní 0.4, ó jù ú lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí igi fi ń yí láti ọdún yìí wá. Tútù ní 0.15. Kò tó. Igi ní láti yọ̀, ìbáà jẹ́ kílò 50 ìbáà jẹ́ 500.

Ohun kan tún wà nínú ìwọ̀n yìí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ègé tó yọ̀ ní 15 lórí 100, sílíńdà kíkún á yí láìyọ̀ lórí pákó kan náà títí dé 45 lórí 100, ìlọ́po mẹ́ta. Pákó tí nǹkan pẹlẹbẹ kò lè jókòó sí, nǹkan roboto ṣì lè rìn lórí rẹ̀ láìyọ̀. Ẹni tó bá ń rò pé bí pákó bá ti ń yọ nǹkan dànù, igi náà gbọ́dọ̀ yọ̀, ó ti gbàgbé pé èyí tó jókòó ń fẹ́ kí ìdìmú ru gbogbo ẹrù, èyí tó ń yí sì ń fẹ́ kó ru ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Báwo ni ènìyàn á ṣe mọ̀ pé igi ń yọ̀, nígbà tó ṣì ń yí? Ojú lásán kò tó, nítorí igi tó ń yọ̀ díẹ̀ jọ èyí tó ń yí dáadáa. Ẹfun ni kí ẹ lò. Igi tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ sẹ̀ńtímítà 20, ìyípo rẹ̀ kan gùn tó mítà 1.26. Lórí pákó mítà 3, bí kò bá yọ̀, yóò yí ní ìgbà 2.4 kó tó kan ilẹ̀. Lórí pákó tútù, tí a bá fi 0.15 ṣírò rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, àárín igi ń yára ní 3.6 ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń yára ní 2.5 péré, kò sì ní yí ju ìgbà 1.7 lọ. Ìyàtọ̀ tó ju ìlàjì ìyípo lọ nìyẹn, ẹni tó bá ń wo àmì ẹfun kò lè ṣì í rí. Ní òótọ́ ó máa ń burú ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí bí nǹkan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, ìdìmú rẹ̀ sábà máa ń dín kù sí ti ìgbà tó dúró.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé igi tó ń yọ̀ ń yára ju èyí tó ń yí lọ: 3.6 dípò 3.3. Èyí tó yẹ kó lọ sórí yíyí ti lọ sórí eré.

Fífì tí igi náà fì dábùú ńkọ́? Èyí kò sí nínú òfin wa, nítorí òfin náà gbà pé pákó méjèèjì rí bákan náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: oje pọ̀ lára tòsì ju tọ̀tún lọ. Bí pákó kan kò bá di igi mú rárá, èkejì nìkan ló níláti san gbogbo 392, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìwúwo ló wà lórí rẹ̀. Miù tó níláti ní á di ìlọ́po méjì, 0.38 dípò 0.19. Bó bá tilẹ̀ ní in, ó ń fa apá kan igi sẹ́yìn, apá kejì ń sá lọ, igi á sì fì. Pákó tútù kan ṣoṣo léwu ju méjì tó tutù bákan náà lọ, èmi fúnra mi ò ronú kàn án títí mo fi rí i.

Inú kíkún ni mo ń sọ látẹ̀yìn wá. Bí ẹ bá fi páìpù ńlá tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ dípò igi, etí ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà, agídí yíyí rẹ̀ kò dín sí agídí lílọ. Kóńgò kan fún eré, kóńgò kan fún yíyí. Ìdìmú á máa ru ìdajì, òfin náà á sì di `μ ≥ ½ tan θ`. Lórí pákó ẹ̀gbọ́n mi, 0.29 nìyẹn. Àgbá epo òfìfo, tí ó ní ìdérí ní orí méjèèjì, bọ́ sáàárín igi àti páìpù. Ẹni tó ń yí àgbá òfìfo sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó tútù, tó ń sọ lọ́kàn pé ó fúyẹ́ kò sì lè yọ̀, àgbá náà ló máa kọ́kọ́ yọ̀ ju igi lọ. Èyí tó kún fún omi tún yàtọ̀ pátápátá: omi inú rẹ̀ kì í bá irin yí lójú ẹsẹ̀, ó kàn ń wúwo lórí pákó ni, nítorí náà ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ìdìmú kéré gan-an.

Igi kì í sì í ṣe sílíńdà tó pé. Ìdí rẹ̀ nípọn ju orí rẹ̀ lọ, nítorí náà á máa yà sápá kan bó ti ń yí. Kókó lè wà lára rẹ̀. Èèpo rẹ̀ lè ṣí kúrò lójijì, kí ojú tó tutù tí ó sì ń yọ̀ jáde. Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi 0.19 ṣe 0.20 kó sì lọ dúró síwájú igi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa láàárín ohun tí pákó ń bèèrè àti ohun tí ẹ wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní sùúrù fún gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sára pákó. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Kí ni kí n wá ṣe nígbà òjò?” Mo ní kó wá pákó tó gùn tó mítà 4.5. Gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ pákó á di mítà 4.24. Ẹ pín 1.5 sí i, ẹ ó rí 0.35, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 0.12. Ìyẹn ti wọ abẹ́ 0.15 tí a wọ̀n lórí pákó tútù. Àyè tó wà láàárín wọn kò pọ̀, nítorí náà mo tún ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ha oje kúrò lára pákó méjèèjì kí ọkọ̀ tó dé, kí méjèèjì lè rí bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òjò tún rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ tún dé. Mo fi ẹfun sàmì sí orí igi kan kí wọ́n tó tì í, ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì, a ń kà á sókè. Àmì náà tẹ pákó ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì tún ti kọjá ìdajì ìyípo kẹrin kí igi tó bọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú. Lórí ìwé mi, 3.6 ló wà níbẹ̀.